Oníbàárà ní ìtumọ̀ mi kún fún àṣìṣe. Kí ni kí n dá a lóhùn?

Àkàndé_Lágere

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Lẹ́tà tó bá mi nílé láàárọ̀ yìí nìyí, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe gbé e síbí:

> "Iṣẹ́ ìtumọ̀ tí ẹ ṣe fún wa kò dára rárá. Ẹni tó bá wa yẹ̀ ẹ́ wò ní àṣìṣe inú rẹ̀ lé ní 40. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní san ìdajì owó tó kù."

Ilé iṣẹ́ kan ní Iléṣà ló gbé e fún mi. Ìwé pélébé olójú ewé 4 ni, tí wọ́n fẹ́ pín fún àwọn ìyá: bí wọ́n ṣe ń po ORS fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, bí wọ́n ṣe ń fún un ní síǹkì, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé e padà wá sí ilé ìwòsàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di Yorùbá. Wọn ò ka àṣìṣe kankan fún mi. PDF tí wọ́n ti tò sílẹ̀ fún títẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́, tí ẹnì kan ti fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ po kiri inú rẹ̀.

Inú ń bí mi, n ò ní parọ́. Èsì tí mo ti kọ sílẹ̀ nìyí: "Ẹ ǹlẹ́ sà. Ó ti pé ọdún 9 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Kò sí àṣìṣe nínú iṣẹ́ mi. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ni kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ san owó mi." Ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ọmọ_Ọ̀wá

Fi ránṣẹ́ kíá! Oníbàárà tí kò bá fẹ́ sanwó, àṣìṣe ló máa ń wá káàkiri. Bí o bá ti fara balẹ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kan báyìí, o ti gbé owó rẹ sọ nù. Àwa Ìjẹ̀ṣà kì í bá onígbèsè ṣàlàyé, òṣómàáló ni wá, orí òṣòó la ó wà títí owó yóò fi jáde.

Màámi_Atúmọ̀

Àkàndé, ọmọ mi, má fi ránṣẹ́ o. Ọmọ_Ọ̀wá ò jẹ̀bi tán, nítorí mo ti rí oníbàárà tó wá àṣìṣe kó lè jẹ owó. Ṣùgbọ́n irú wọn kì í ṣe wàhálà bírò pupa. Wọ́n á kàn ní "kò dára", wọ́n á sì dákẹ́. Ẹni tó jókòó yí ọ̀rọ̀ tó lé ní 40 po, ó ní ohun tó rí.

Ohun tí wàá ṣe lálẹ́ yìí kò ju gbólóhùn 3 lọ. Sọ fún wọn pé lẹ́tà wọn ti dé, pé ò ń wo gbogbo ibi tí wọ́n yí po, àti pé èsì kíkún yóò dé ọwọ́ wọn ní ọ̀la ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Má bẹ̀bẹ̀, má sì jà. Kí o wá bi wọ́n léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Bí wọn ò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ní kí wọ́n dá a dúró ná. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ẹni tó jẹ̀bi lọ, nítorí bí ẹgbẹ̀rún 5 ìwé bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìdajì owó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣí fáìlì tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, kì í ṣe èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ tí o ti lè fọwọ́ kàn. Láti inú ímeèlì gan-an ni kí o ti gbé e. Gbé e sí ẹ̀gbẹ́ PDF tiwọn, kí o sì wo ibi pupa kọ̀ọ̀kan. Bi ara rẹ pé: ṣé èmi ni mo ṣe é, ṣé lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́ mi ló bàjẹ́, àbí bí ẹlòmíràn ì bá ṣe sọ ọ́ lásán ni? Kó o kà á, kó o padà wá.

Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yẹn, pa á rẹ́. Ọ̀gá tó gba lẹ́tà rẹ ló yan ẹni yẹn. Bí o bá bú u, ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbè é nìyẹn.

Àkàndé_Lágere

Ẹ ṣé, Mà. Mo ti fi gbólóhùn 3 yẹn ránṣẹ́. Wọ́n ní wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́, àwọn á dúró.

Mo ti kà á. Ibi 43 ni wọ́n yí po. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: 33 nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo kọ rárá. Èmi kọ "ìgbẹ́ gbuuru", tiwọn ka "ìgbe gbuuru". Èmi kọ "fún ọjọ́ 10", tiwọn ka "fún ojo 10", bíi pé ojo 10 ni kí ìyá lọ wá. "Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́" ti di "Bí e bá rí eje nínú ìgbe". Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "kí lèyí?" Mi ò lè bá a jà lórí ìyẹn. Èmi náà ì bá béèrè.

Àwọn 10 tó kù, mo gbà pé ìfẹ́ ẹnu ni gbogbo wọn. Ó yí "ilé" padà sí "ulé". Ó ní kí n kọ "enia". Ó fa ilà sábẹ́ "ọjọ́ márùn-ún òní". Irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Tẹ̀wétẹ̀wé_Sábó

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, iṣẹ́ mi nìyí, ìwé títò ni mò ń ṣe. Àkàndé, wo ohun kan dáadáa nínú PDF yẹn: ṣé "à", "é", "ì", "ó" ṣì ní àmì lórí, tó jẹ́ pé "ẹ", "ọ" àti "ṣ" nìkan ló pàdánù tiwọn?

Àkàndé_Lágere

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni! Báwo lẹ ṣe mọ̀?

Tẹ̀wétẹ̀wé_Sábó

Ibẹ̀ la ti ń mọ ẹni tó jẹ̀bi. Bó bá jẹ́ ìwọ lo gbàgbé àmì, ìwọ̀nba ibì kan ni ì bá wà, kì í ṣe gbogbo ẹ àti gbogbo ọ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹrin. "à" àti "é" wà nínú fọ́ǹtì gbogbo nítorí pé àwọn Faransé àtàwọn míì ń lò ó. Lẹ́tà olójú ìsàlẹ̀ tiwa ni ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì àtijọ́ kò ní. Ẹni tó bá gbé e gba inú irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀, tàbí inú fáìlì tí kò mọ̀ ju lẹ́tà àwọn òyìnbó lọ, "à" á yè, "ẹ" á kú.

Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ló burú jù. "ẹ" nìkan ní àyè tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. "ẹ́" kò ní, méjì ni wọ́n so pọ̀:

```
ẹ́ = U+1EB9 + U+0301
ọ̀ = U+1ECD + U+0300
```

Bí fọ́ǹtì kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìkejì lé orí ìkíní, wàá rí àpótí kékeré, tàbí kí àmì já bọ́ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń tò ó á wò ó, á ní "kí ni ìdọ̀tí yìí?", á sì gbá a dànù. Mo mọ̀ nítorí pé ọmọṣẹ́ mi kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Sọ fún wọn kí wọ́n lo Charis SIL tàbí Noto Serif, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà tààrà láti inú .docx rẹ, kí ẹnikẹ́ni má tún un tẹ̀ lọ́wọ́. Láti òní lọ, bí o bá ti ń fi .docx ránṣẹ́, fi PDF tìrẹ náà tẹ̀ lé e. Òun ni ẹlẹ́rìí rẹ.

Bàbá_Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Kí ni gbogbo ariwo àmì yìí? Láìsí àmì la fi ka ìwé láti kékeré, a sì gbọ́ ọ. Ẹni tí kò bá lè fi ojú inú kà á, kì í ṣe Yorùbá.

Nínú ìwé ogún bàbá mi, wọ́n kọ ọ́ báyìí: "oko iya mi, ki enikeni ma se ta a." Àbúrò mi kan fẹ́ fi ọgbọ́n àgbọ́njù sọ pé ọkọ ìyá ni wọ́n ní lọ́kàn. Gbogbo ẹbí fi rẹ́rìn-ín pa: ta ni í ta ọkọ? A mọ̀ pé oko ni. "Enia" náà ń kọ́, kí ló ṣe é? Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìlódè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i pé ORS lẹ ń sọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn kọ "lítà kan" fún àwọn ìyá, wọn ò ní ohun èlò tí wọ́n fi ń wọn lítà nílé. Omi inú ọ̀rá 50cl méjì ló máa ń jẹ́ lítà kan, ìyẹn ni mo máa ń fi kọ́ wọn. Sáṣẹ́ẹ̀tì ORS kan sínú rẹ̀, kí wọ́n rò ó pọ̀, kí wọ́n máa fún ọmọ mu díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24, kí wọ́n dà á nù kí wọ́n po òmíràn.

Àkàndé_Lágere

Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí màá kọ sí oníbàárà ni mò ń béèrè, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń po ORS. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ní lítà, lítà ni mo gbọ́dọ̀ kọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìlódè

Háà, mo ṣì í kà, ẹ má bínú. Àmọ́ níwọ̀n bí mo ti wà níbí: kí ni ìwé yín kọ sórí ibi tí ẹ ti ṣàlàyé pípò náà?

Àkàndé_Lágere

"Ẹ ṣe é báyìí."

Nọ́ọ̀sì_Ìlódè

Nínú PDF tiwọn ń kọ́?

Àkàndé_Lágere

"E se é báyìí." Olúwa o.

Nọ́ọ̀sì_Ìlódè

Ṣé ẹ rí i. Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wò ó. Ti oko àti ọkọ, ẹ̀rín ni. Èyí kì í ṣe ẹ̀rín. Ẹni tó bá ka "E se é" á gbé ORS lé iná, kò sì yẹ kí á se omi yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti po oògùn sí i. Ojú inú kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé omi síse jẹ́ ohun tí gbogbo ìyá ti gbọ́ lẹ́nu wa rí. Á rò pé òótọ́ ni.

Ohun kejì: "ọjọ́ márùn-ún òní" tí wọ́n fa ilà sí lábẹ́ yẹn, ìfẹ́ ẹnu kọ́ o. Bí a bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá àgbà tó ń gbé ọmọ ọmọ wọn wá lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń padà dé. Àwọn ìyàwó kéékèèké á wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a ò sì ṣí ẹ̀ka ọmọdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Màámi_Atúmọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà. Mo fẹ́ sọ ọ́, mo ń dúró kí Àkàndé fúnra rẹ̀ rí i.

Àkàndé, ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ wo ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ? Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Òyìnbó á ka ọjọ́ 7 sáàárín méjèèjì. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni àwọn baba wa fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkà. Ìdí nìyẹn tí ìjẹta fi ní ẹta nínú, bẹ́ẹ̀ ìjọ́ 2 péré ló ti kọjá. Ọjà tó ń pé jọ ní ọrọọrún náà, ìjọ́ 4 ló wà láàárín rẹ̀ bí o bá kà á bí kàlẹ́ńdà ṣe ń kà á. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ ní kí ìyá padà wá ní ọjọ́ 5, ìyẹn láti Ajé dé Àbámẹ́ta. O wá fi "òní" sí i, o ti fi òní kún ìkà náà lójú ẹni tó dàgbà. Ọjọ́ kan ti sọ nù.

Àkàndé_Lágere

Mà, ẹ dárí jì mí, èmi kì í kà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi lọ́jọ́ Ajé pé ọjọ́ márùn-ún òní, Àbámẹ́ta ni màá gbé e sí. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ń kà á bẹ́ẹ̀.

Bàbá_Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹgbẹ́ rẹ ń ka kàlẹ́ńdà, ẹ ò ka ọjọ́. Ẹtì ni.

Ọmọ_Ọ̀wá

Èmi wà láàárín. Fún ọjà, mo ń kà á bíi Bàbá. Fún ìpàdé ọ́fíìsì, mo ń kà á bí Àkàndé.

Màámi_Atúmọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi hàn án. A ò ní láti parí ìjà náà. Ìwé ìlera tí àwọn mẹ́ta kà tí wọ́n rí ọjọ́ méjì nínú rẹ̀, àṣìṣe ni, ìbáà jẹ́ Yorùbá tó dán mọ́rán.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o ṣe kí o tó kọ lẹ́tà. Ka iye gbólóhùn inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, kí o ka iye tìrẹ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹjọ́ iṣẹ́ mi sùn ni mo máa ń ṣe é, nítorí ohun tí a fò kì í hàn sí ojú ẹni tó fò ó.

Àkàndé_Lágere

61 ni Gẹ̀ẹ́sì. Tèmi jẹ́ 60. Ojú tì mí.

Abala síǹkì ni. Wọ́n kọ ọ́ pé kí ìyá fún ọmọ ní hóró kan lójúmọ́ fún ọjọ́ 10, kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 gba ìdajì. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n máa fún un lọ títí ọjọ́ 10 yóò fi pé, ìbáà jẹ́ pé ìgbẹ́ náà ti dúró. Òun ni mo fò. Ọ̀kan nínú àmì pupa yẹn wà níbẹ̀ gan-an, lórí àyè òfìfo, pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Mo rò pé bírò ló ta sí i.

Nọ́ọ̀sì_Ìlódè

Ìyẹn gan-an ló ń dà wá láàmú! Ìgbẹ́ á dúró lọ́jọ́ kẹta, ìyá á gbé hóró 7 tó kù sórí pẹpẹ títí ọmọ míì á fi ṣàìsàn. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ o.

Màámi_Atúmọ̀

Ta ló bá ọ fi ìtumọ̀ náà wé Gẹ̀ẹ́sì kí o tó fi ránṣẹ́? Ìlànà ISO 17100 tó jáde ní 2015 ní ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹni tó túmọ̀ rẹ̀.

Àkàndé_Lágere

Kò sẹ́nì kankan, Mà. Owó náà kéré, mo fi ojú ara mi nìkan wò ó.

Mo ti wá tún un pín: 33 bàjẹ́ níbi títò. 2 jẹ́ tèmi. 2 jẹ́ àkọtọ́ àtijọ́, "enia" àti "aiye". 6 jẹ́ ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀ṣà, bíi "ulé" àti "ugbá". Ó pé 43.

Ọmọ_Ọ̀wá

Ẹ dúró lórí 6 yẹn. Ta ni wọ́n fẹ́ pín ìwé náà fún? Bó bá jẹ́ àwọn ìyá wa ní abúlé ẹ̀yìn Iléṣà, "ulé" ni wọ́n ń sọ. Kí ló dé tí ìwé tiwọn gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ará Ọ̀yọ́?

Màámi_Atúmọ̀

Ọmọ_Ọ̀wá, ibí yìí o jàre ju bí o ṣe rò lọ. Èmi náà Iléṣà ni mò ń gbé, "ulé" ni mo ń sọ nílé. Ṣùgbọ́n nínú kíkọ, Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ wọn ní ilé ẹ̀kọ́ kò fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ kà lè kọsẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kà á sókè lórí rédíò, ìyẹn á yàtọ̀. Àkàndé ò lè dá a pinnu, oníbàárà ló mọ àwọn ìyá tó fẹ́ fún. Ìbéèrè ni kó fi ṣe, kó má pè é ní àṣìṣe, kó má sì pè é ní àìmọ̀kan. Ti "enia" rọrùn: àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ni "ènìyàn". Bàbá Tíṣà, ẹ má bínú sà.

Kọ ọ́ báyìí, kí a rí i. Àṣìṣe tìrẹ ni kó ṣáájú. Bí o bá fi àṣìṣe ẹni tó tò ó ṣáájú, wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́ mọ́ títí wọn yóò fi dé ìsàlẹ̀.

Àkàndé_Lágere

Mo ti kọ ọ́. Ẹ bá mi wò ó:

> Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣé tí ẹ dá títẹ̀ ìwé náà dúró. Mo ti fi fáìlì tí mo fi ránṣẹ́ sí yín wé PDF tó dé ọ̀dọ̀ mi, ibi 43 tí ẹ yí po ni mo sì wò níkọ̀ọ̀kan.
>
> Méjì jẹ́ àṣìṣe tèmi. Ìkíní: ní ojú ewé 3, mo fo gbólóhùn kan nípa síǹkì. Ó yẹ kó kà báyìí: "Ẹ máa fún ọmọ ní síǹkì náà títí ọjọ́ 10 yóò fi pé, ìbáà jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru náà ti dúró." Ìkejì: ní ojú ewé 4, "ọjọ́ márùn-ún òní" lè jẹ́ ọjọ́ 4 lójú àwọn àgbà. Mo ti sọ ọ́ di: "Bí ara ọmọ kò bá yá, ẹ gbé e padà wá lẹ́yìn tí ọjọ́ 5 bá ti kọjá. Bí ẹ bá wá lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ padà wá." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ń ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí a lè yí àpẹẹrẹ náà padà bí ó bá yẹ. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló rí méjèèjì. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lórí àtúnṣe yìí.
>
> 33 jẹ́ lẹ́tà tó pàdánù àmì rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tò ó. Mo fi PDF tèmi mọ́ lẹ́tà yìí kí ẹ lè fi méjèèjì wéra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àkọlé ojú ewé 2: mo kọ "Ẹ ṣe é báyìí", ó ti di "E se é báyìí", ìyá sì lè tìtorí rẹ̀ gbé oògùn náà lé iná. Bí ẹni tó tò ó bá lo fọ́ǹtì Charis SIL, tó sì gbé ọ̀rọ̀ náà láti inú .docx láìtún un tẹ̀, yóò tọ́. Màá bá yín wo ojú ewé tuntun náà kó tó di títẹ̀.
>
> "Enia" àti "aiye" wà nínú àkọtọ́ àtijọ́. Mo fi "ènìyàn" àti "ayé" sílẹ̀ bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ wọ́n. Ibi 6 tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kò sí àṣìṣe nínú wọn. Bó bá jẹ́ Ìjẹ̀ṣà lẹ fẹ́ kí gbogbo ìwé náà jẹ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, a ó sì jọ sọ iye rẹ̀.
>
> Fáìlì tí mo ti tún ṣe wà nínú ímeèlì yìí. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti rí i pé ó tọ́, ẹ bá mi san ìdajì tó kù bí àdéhùn wa ṣe wí.

Ọmọ_Ọ̀wá

Ó dára, ṣùgbọ́n "bí ẹ bá ti rí i pé ó tọ́" yẹn, ìlẹ̀kùn lo ṣí sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n lè ní kò tíì tọ́ títí di Kérésìmesì. Dá ọjọ́ sí i.

Màámi_Atúmọ̀

Ó tọ̀nà, mo fara mọ́ ọn. Kọ ọ́ pé bó bá ku ohunkóhun, kí wọ́n sọ fún ọ kó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o gbà pé iṣẹ́ ti parí. "Màá bá yín wò ó" náà, fi "lẹ́ẹ̀kan, lọ́fẹ̀ẹ́" sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á rán an sí ọ nígbà 7. Èyí tó kù, má fọwọ́ kàn án.

Tẹ̀wétẹ̀wé_Sábó

Ẹ fi kún un pé kí ẹni tó ń tò ó má fi ọwọ́ pín ọ̀rọ̀ sí ìlà méjì. Ibẹ̀ náà ni àmì ti máa ń já.

Àkàndé_Lágere

Mo ti fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àtúnṣe yín.

*Ọjọ́ kejì.* Ọ̀gá náà pè mí fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọmọ tó tò ó ló tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ní kí wọ́n bá òun kí mi. Ilé ìwòsàn kì í ṣí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ń bi mí bóyá kí àwọn kọ Ẹtì tàbí Ajé, mo ní ìbéèrè dókítà nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Ti Ìjẹ̀ṣà, wọn ò tíì pinnu.

Ọmọ_Ọ̀wá

Owó ń kọ́?

Àkàndé_Lágere

Wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún òní.